Kí Ẹ Tó Ra Búsítà, Ẹ Wọn Nẹ́tíwọ̀kì Orí Òrùlé

Búsítà kì í dá nẹ́tíwọ̀kì sílẹ̀. Ohun tó bá bá níta ló ń gbé wọlé. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá wà lórí òrùlé tí ògiri kò jẹ́ kó wọ yàrá, búsítà tàbí áńtẹ́nà ìta lè tún un ṣe. Bí kò bá sí nǹkan kan lórí òrùlé náà, owó tí ẹ fẹ́ ná ti fẹ́ ṣòfò. Ìwọ̀n tí kò gbà ju wákàtí kan lọ ló máa fi èyí tó jẹ́ tiyín hàn, fóònù ọwọ́ yín sì tó láti fi ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dààmú yín gan-an

Bó bá jẹ́ pé ráótà lẹ ń lò, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn, bíi mítà kan sí i, kí ẹ wá gbìyànjú íńtánẹ́ẹ̀tì. Bó bá yá níbẹ̀ tí kò yá ní yàrá kejì, Wáífáì inú ilé ni kò dé yàrá náà. Áńtẹ́nà orí òrùlé kò kan ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ẹ gbé ráótà sí àárín ilé, tàbí kí ẹ fi ráótà kejì kún un.

Ẹ tún wo àkókò. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré ní aago márùn-ún ìdájí, tó wá ń wọ́ bí ìgbín ní aago mẹ́jọ alẹ́, èrò ló pọ̀ lórí òpó nẹ́tíwọ̀kì. Kò sí ẹ̀rọ tí ẹ lè rà tó máa lé èrò yẹn kúrò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bínú sí búsítà tí wọ́n rà, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wọn wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà

Ẹ má fi igi kékeré mẹ́rin tó wà lókè fóònù ṣe òṣùwọ̀n. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù ló ń pinnu iye igi tó máa fi hàn, nítorí náà igi méjì lórí fóònù kan lè jẹ́ igi mẹ́ta lórí òmíràn, níbi kan náà. Nọ́ńbà la fẹ́. Ẹ tẹ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí síbi tí ẹ ti ń tẹ nọ́ńbà ìpè:

```
*#*#4636#*#*
*#0011#
*3001#12345#*
```

Èyí àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ fóònù Áńdúróìdì, ìkejì wà fún Sámúsọ̀ngì, ìkẹta sì wà fún Áífóònù, òun ni ẹ máa tẹ bọ́tìnì ìpè lẹ́yìn rẹ̀. Ti ráótà rọrùn jù: ẹ ṣí ojú ìwé rẹ̀ nínú bíráúsà. Àdírẹ́sì rẹ̀, bíi `192.168.8.1` tàbí `192.168.0.1`, sábà máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀.

Nọ́ńbà méjì péré lẹ nílò. `RSRP` ń sọ bí síginà òpó náà ṣe lágbára tó nígbà tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ó máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú, ẹ fi í wé gbèsè: ẹni tó jẹ 90 sàn ju ẹni tó jẹ 110 lọ. Ní -85 tàbí kó sàn jù bẹ́ẹ̀, ara rọ̀ yín. Láàárín -100 sí -110, ìpè á máa já, dátà á máa fà. Tó bá ti kọjá -115, ẹ ti wà létí ibi tí nẹ́tíwọ̀kì pin sí. Ìṣirò rẹ̀ kì í ṣe ti ojoojúmọ́ o: bí nọ́ńbà yìí bá fi 3 sàn, agbára síginà ti di ìlọ́po méjì, bó bá fi 10 sàn, ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá.

`SINR` ni ìkejì, òun ló sì ń pinnu bí dátà ṣe máa yá tó. Ẹ rò ó bí ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ láàárín èrò. `RSRP` ni bí ohùn rẹ̀ ṣe ròkè tó. `SINR` ni bí ohùn náà ṣe borí ariwo tó yí i ká. Tó bá ju 13 lọ, ó dára. Tó bá wà nítòsí òdo, ariwo ti fẹ́ bá ohùn dọ́gba. Tó bá lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, ẹ lè rí igi mẹ́rin lókè fóònù kí ojú ìwé kan má sì ṣí.

Ìrìn ìwọ̀n

Fóònù kan náà àti síìmù kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo ibi. Ẹ wọn ibi mẹ́rin: ibi tí ẹ máa ń jókòó sí nínú yàrá, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó sàn jù, ìta gbangba nílẹ̀, àti ibi gíga tí áńtẹ́nà máa wà. Níbì kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì, nítorí nọ́ńbà á máa fò sókè sódò, kí ẹ sì kọ èyí tó wà láàárín sílẹ̀. Ẹ kọ báǹdì tó hàn pẹ̀lú, ìyẹn ìgbì afẹ́fẹ́ tí fóònù ń gbà. Fóònù lè wà lórí 800 MHz nínú yàrá, nítorí pé èyí ló ń wọ ògiri dáadáa, kó wá bọ́ sórí 1800 tàbí 2600 níta. Ẹ ò lè fi nọ́ńbà báǹdì méjì wéra bíi pé ohun kan náà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá já sí 3G nínú yàrá: nọ́ńbà tó máa gbé wá kì í ṣe `RSRP` mọ́.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun orí páànù nítorí ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa gba ojú ara rẹ̀ sílẹ̀ bíi fídíò, ẹ fi tẹ́ẹ̀pù dè é mọ́ orí ọ̀pá gígùn, kí ẹ gbé e sókè fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ wá wo fídíò náà. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún fóònù pé kó má ṣe pa iná ojú rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òkùnkùn lẹ máa bá.

Ilé kan, nọ́ńbà mẹ́rin

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tó ní ògiri kọnkéré àti òrùlé páànù. Lórí báǹdì 1800, wọ́n rí -114 nínú yàrá, `SINR` jẹ́ 1. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, -104 àti 5. Nílẹ̀ ìta, -98 àti 8. Lórí ọ̀pá tó ga dé òrùlé, -91 àti 13.

Láti orí òrùlé sí inú yàrá, 23 ló ṣòfò. Ìlọ́po igba nìyẹn: òpó nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe tirẹ̀, ilé ni kò jẹ́ kó wọlé. Irin inú kọnkéré àti páànù orí ilé ló sábà ń fa irú èyí. Gíláàsì tí wọ́n fi nǹkan bíi irin tín-ín-rín kùn kí oòrùn má baà wọlé náà ń dí i, ojú lásán kì í sì í rí i. Irú ilé báyìí ni áńtẹ́nà ìta ń bá ṣiṣẹ́.

Àmọ́ ẹ wo fèrèsé ná. Bí ẹ bá kàn gbé ráótà kúrò nínú yàrá lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ ti jèrè 10, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá, láìná kọ́bọ̀. Wáífáì ráótà á sì ṣì dé inú yàrá. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sínú ètò fóònù kí ẹ tan `Wi-Fi Calling`, bí fóònù yín àti ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì yín bá fàyè gbà á. Ìpè á wá máa gba orí Wáífáì kọjá, kò ní nílò síginà inú yàrá mọ́. Ẹ lo méjèèjì yìí fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá tó yín, ẹ fi owó yín pamọ́.

Bí wọ́n bá mú -118 àti -2 sọ̀ kalẹ̀ látorí ọ̀pá, ọ̀rọ̀ yí padà. Búsítà á sọ ohùn àti ariwo di ńlá pọ̀, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan sí i. Ẹ yá síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn kí ẹ wọn ọ́n níbẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Òpó tiwọn lè wà lápá ibòmíràn, síìmù tuntun sì rọ̀ lówó ju ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ.

Áńtẹ́nà ìta fún ráótà

Bí fèrèsé kò bá tó, tí orí òrùlé sì dára, èyí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà, kì í ṣe búsítà. Áńtẹ́nà tó kọjú sí ibì kan máa ń gbọ́ òpó tí ẹ kọ ọ́ sí, ó sì máa ń kọ ẹ̀yìn sí ọ̀pọ̀ ariwo òpó mìíràn. Ìdí nìyẹn tí `SINR` fi máa ń sàn pẹ̀lú. Ẹ rántí pé ráótà nìkan ló ń jàǹfààní rẹ̀. Àwọn fóònù máa gba ti wọn lórí Wáífáì.

Ẹ yí ráótà padà kí ẹ wá ihò rẹ̀ kí ẹ tó lọ rà. Ráótà tí kò ní ihò áńtẹ́nà, ẹ ò lè fi áńtẹ́nà kankan sí i. Ihò tó ní tíréèdì níta ara rẹ̀ ń jẹ́ SMA, ṣùgbọ́n ẹ tẹjú mọ́ àárín rẹ̀. Ti nẹ́tíwọ̀kì síìmù ní ihò kékeré láàárín. Ti Wáífáì, tó ń jẹ́ RP-SMA, ní abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì máa ń wọ ara wọn bí ìdè, ó máa ń lọ́ dé òpin, ṣùgbọ́n síginà kò kọjá, nítorí ihò ti kan ihò tàbí abẹ́rẹ́ ti kan abẹ́rẹ́. Ihò kékeré tí kò ní tíréèdì, tí wọ́n kàn ń tì nǹkan bọ̀, ń jẹ́ TS-9. Kò lágbára: bí kébù tó wúwo bá ń fà á, ó máa yẹ̀. Ẹ fi kébù kúkúrú rírọ̀ sí àárín wọn.

Bí ihò bá jẹ́ méjì, áńtẹ́nà méjì lẹ máa rà, tàbí ẹyọ kan tó ní kébù méjì. Ráótà ń gba ọ̀wọ́ dátà méjì lẹ́ẹ̀kan náà; bí ẹ bá fún un ní ẹyọ kan, `RSRP` lè sàn kí dátà sì falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan fì sí ọ̀tún, kí èkejì fì sí òsì, kí àwọn méjèèjì dà bí lẹ́tà X, kí àwọn méjèèjì sì kọjú síbì kan náà.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí kò ṣeé gbára lé. Áńtẹ́nà gígùn tó ní ọ̀pọ̀ ìka bí eegun ẹja, tí ẹ rí lórí òrùlé, sábà ń fi bíi 8 sí 11 kún síginà. Bí ẹ bá wá rí ọ̀pá kékeré inú ilé tí wọ́n kọ 35 sí lára, irọ́ ni.

Kébù lọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí, òun ló sì ń jẹ èrè. Ẹ padà sí ilé wa tó ní -91 lórí òrùlé. Áńtẹ́nà fi 9 kún un, ó di -82. Ìgbà náà ni kébù mítà mẹ́wàá á wá gba tirẹ̀. LMR-400, tó nípọn bí ìka, á gba bíi 2 lórí 1800 MHz, ráótà á rí -84. LMR-200 á gba bíi 5, ó di -87. Kébù tín-ín-rín RG174, irú èyí tí wọ́n máa ń fi kún inú páálí lọ́fẹ̀ẹ́, lè gba ju 12 lọ. Ó di -94, èyí tó burú ju ohun tí fóònù lásán rí lórí ọ̀pá. Nítorí náà, ẹ wọn ọ̀nà tí kébù máa gbà kí ẹ tó rà á, ẹ má sì ra mítà ogún torí mítà méje. Èyí tí ẹ ká jọ sílẹ̀ ń jẹ síginà bákan náà. Bí ọ̀nà bá ju mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹ wá ráótà ìta, èyí tí síìmù àti áńtẹ́nà wà nínú rẹ̀ lórí ọ̀pá. Kébù íńtánẹ́ẹ̀tì lásán ló ń bọ̀ wá sílé láti ibẹ̀, òun lè rìn tó mítà ọgọ́rùn-ún láìpàdánù síginà, ó sì ń gbé iná lọ sókè pẹ̀lú.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà lórí ọ̀pá, ẹ so ó mọ́ra díẹ̀, kó ṣì ṣeé yí. Ẹ wọ ètò ráótà kí ẹ sọ fún un pé kó lo áńtẹ́nà ìta. Àwọn ráótà kan kì í yí i fúnra wọn, wọ́n á sì máa lo ti inú lọ bíi pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ yọ kébù kan wò: bí nọ́ńbà kò bá yí padà, ti inú ló ń lò. Lẹ́yìn náà, ẹni kan á dúró ti ọ̀pá, ẹni kejì á máa wo nọ́ńbà. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, bí aago ṣe ń kúrò ní méjìlá bọ́ sí ọ̀kan, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ kọ `SINR` sílẹ̀. Ẹ ṣe é yípo. Ibi tí `SINR` ti dára jù lẹ máa dè é mọ́, kódà bí `RSRP` bá fi 2 tàbí 3 sàn níbòmíràn. Nígbà mìíràn, kì í ṣe ìhà òpó tí ojú yín ń rí ló ń dára jù, torí òpó yẹn lè jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Kí kébù tó wọlé, ẹ jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ bí ikùn, kó lọ sí ìsàlẹ̀ ihò ògiri kó tó padà gòkè wọ inú rẹ̀. Òjò á ṣàn dé ikùn náà, á sì kán sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kó tọ kébù wọ yàrá. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ wé gbogbo oríkèé tó wà níta. Bí síginà tó dára bá ń burú sí i lẹ́yìn òjò, omi ti wọ oríkèé. Ẹ gé orí kébù náà kúrò kí ẹ fi tuntun sí i, nítorí èyí tó bá ti jẹ ìpáta kì í bọ̀ sípò. Ọ̀pá irin sì gbọ́dọ̀ ní wáyà tó so ó mọ́ ilẹ̀ nítorí àrá.

Ìgbà tí búsítà tọ́

Ó ṣẹ́ ku ibì kan tí búsítà ti wúlò: orí òrùlé dára, inú ilé kú, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì ń lo fóònù kékeré olóbọ́tìnì, tàbí wọn kò lè pè lórí Wáífáì. Ìpè ni búsítà dára fún. Àwọn ti inú ilé sábà ń gba ọ̀wọ́ kan ṣoṣo kọjá, nítorí náà dátà lè falẹ̀ bí igi mẹ́rin tilẹ̀ tàn lókè fóònù. Kò sì lè gbé `SINR` tó dára ju èyí tí áńtẹ́nà ìta rẹ̀ gbọ́ wá.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì yín kí ẹ tó rà á. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìgbì afẹ́fẹ́ yẹn ti àwọn ilé-iṣẹ́ náà ni, ẹni tó bá sì tan búsítà tí wọn kò fọwọ́ sí lè rú òfin. Ẹ rí i pé báǹdì tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà ìwọ̀n wà lára ti búsítà náà. Èyí tó ń ṣe 900 nìkan kò ní ṣe 1800.

Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni bí áńtẹ́nà ìta àti ti inú ṣe sún mọ́ra. Ẹ ti gbọ́ bí máíkì ṣe ń hu nígbà tí wọ́n bá gbé e kojú sí sípíkà. Bákan náà ni búsítà: áńtẹ́nà ìta á gbọ́ ohun tí ti inú ń sọ, á tún gbé e wọlé, á tún sọ ọ́, kò sì ní dákẹ́. Àpótí náà á tan iná pupa, tàbí kó rẹ agbára ara rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí kò gbọ́n á máa pariwo sí òpó nẹ́tíwọ̀kì, gbogbo àdúgbò á sì máa jìyà rẹ̀. Bí búsítà bá ń fi 65 kún síginà, ohun tó wà láàárín áńtẹ́nà méjèèjì gbọ́dọ̀ lè pa bíi 80. Ẹ fi ti ìta sórí òrùlé, kó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Ẹ fi ti inú sí ìsàlẹ̀, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí i, kó kọjú sí ibi tí èkejì kò sí. Páànù tó ń dààmú yín láti ìbẹ̀rẹ̀ á wá ràn yín lọ́wọ́ níbí. Bí iná pupa bá ṣì ń tàn, ẹ gbé wọn jìnnà síra kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì agbára.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà áńtẹ́nà méjì tí wọ́n fi kébù so pọ̀ láìní àpótí láàárín fún yín. Nínú ilé wa, áńtẹ́nà á fi 9 kún -91, kébù á jẹ 5 níbẹ̀, ó di -87. Kí síginà tó rin mítà kan péré nínú afẹ́fẹ́ yàrá, bíi 37 á ti sọnù lórí 1800, ẹ ó sì rí nǹkan bíi -124, nígbà tí yàrá náà ní -114 tẹ́lẹ̀. Ìlẹ̀mọ́ kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù kò tilẹ̀ ní wáyà tó máa gbé nǹkan kan wá láti ibikíbi.